Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: BÍ A TI Í YAN ÌGBÌMỌ̀ IṢẸ́ TÍ KÒ NÍ DÀ RÚ

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jùmọ̀ kọ́ nígbà yìí dá lórí yíyan àwọn ènìyàn díẹ̀ sínú ìgbìmọ̀ tí a fẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, ìtìjú kan tí ó bá mi ní àdúgbò wa kì bá tí bá mi. Nítorí náà, inú ìtàn ìtìjú náà gan-an ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

ÌTÀN EPO PUPA

Ogún ni àwa obìnrin tí a pinnu láti máa da owó pọ̀ ra epo pupa nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé láti bí oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún ni eyìn máa ń pọ̀, tí epo sì máa ń dínwó. Nígbà tí ó bá fi máa di ìparí ọdún, epo á ti wọ́n. Ìṣirò wa kò le rárá. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí ó ń gba lítà 25 ni a fẹ́ rà. Ìyẹn jẹ́ 100 lítà, bí a bá sì pín in fún ogún ènìyàn, lítà 5 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn opó wà nínú wa tí wọ́n ṣírò owó wọn ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ kí ó tó pé.

A yan ènìyàn mẹ́fà sí ìgbìmọ̀. Kí ni a fi yàn wọ́n? Ìwé tí wọ́n kà ni. Márùn-ún nínú wa jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ẹnì kẹfà sì ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì rí. Inú gbogbo ẹgbẹ́ dùn. Wọ́n ní àwọn olóye ni a kó jọ, iṣẹ́ náà ti parí.

Oṣù kẹta ni a kọ́kọ́ jókòó. Ẹnì kan ní kí a lọ ra epo náà ní Ọjà'ba. Mo dìde, mo sọ ìdí mẹ́ta tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a lọ sí oko. Arábìnrin kan náà dìde, ó sọ ìdí mẹ́rin tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ní ìpàdé kejì a tún un jà. Ní ìpàdé kẹta a kọ ìwé àkọsílẹ̀ tí ó dára púpọ̀, tí gírámà rẹ̀ gún régé. Ìpàdé márùn-ún ni a ṣe, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwa mẹ́fà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin dé ọ̀dọ̀ elépo láti béèrè iye tí ó ń tà. Nígbà tí a máa fi ẹnu kò, oṣù keje ti wọlé. Owó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kò ra ju kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lọ mọ́. 75 lítà ni a pín fún ogún ènìyàn, kò pé lítà mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni. Opó kan gba tirẹ̀, ó wò ó, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ìwò rẹ̀ yẹn ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ padà.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi fún mi ní ìwé kan tí ó sọ nípa ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Meredith Belbin. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kan ní Henley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á pín àwọn tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n á fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òwò kan ṣe bí eré, wọ́n á sì wo ẹgbẹ́ tí ó bá jèrè jù níkẹyìn. Ní 1981 ni ó kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé.

Nínú ìwádìí náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó àwọn tí orí wọn pé jù lọ sínú ẹgbẹ́ kan náà, wọ́n sì sọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Àpólò. Gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ni yóò máa gba ipò kìíní. Ẹgbẹ́ Àpólò 25 ni wọ́n dá sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, mẹ́ta péré nínú wọn ni ó gba ipò kìíní. Kí ló fà á? Ohun tí ó ṣe àwa mẹ́fà lórí epo pupa náà ni. Olúkúlùkù mọ bí a ti í rí ihò nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tí yóò gbà fún ẹnì kan. Àríyànjiyàn gba gbogbo àkókò wọn, iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣe kíákíá sì wà nílẹ̀ láìṣe.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Mo ní, “Èmi rèé.”

OYÈ YÀTỌ̀ SÍ ÌṢE

Ibi tí ẹgbẹ́ wa ti máa ń ṣìnà ni pé oyè nìkan ni a máa ń yàn: alága, akọ̀wé, akápò, olùyẹ̀wé-owó-wò. Oyè dára. Ó ń sọ ohun tí a fi lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ bí ẹni náà ti ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá dé. Ènìyàn lè jẹ́ akápò tí ó ń kánjú, ó sì lè jẹ́ akápò tí ó máa ń ka owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Oyè kan náà ni, ìṣe wọn yàtọ̀.

Àwọn baba wa ní Ìbàdàn pàápàá kò fi agbára sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ wo ètò oyè ìlú wa: ọ̀nà Olúbàdàn wà, ọ̀nà Balógun wà, ọ̀nà méjèèjì sì ń gun oyè ní àyípo. Ọ̀kan ti inú iṣẹ́ ogun wá, èkejì ti inú àkóso ìlú wá. Ìyálóde tún wà fún àwa obìnrin. Ìlú tí ó bá ní jagunjagun nìkan yóò jagun títí, kò ní ráyè jẹ iṣu tuntun.

ÌṢE MẸ́SÀN-ÁN TÍ IṢẸ́ Ń FẸ́

Ìṣe mẹ́jọ ni Belbin kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó fi ìkẹsàn-án kún un. Ẹ má jẹ́ kí iye náà dẹ́rù bà yín, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí. Èmi ni mo fún wọn ní orúkọ tí ẹ óò rí wọ̀nyí kí ó lè rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹ kíyèsí i pé ìṣe kọ̀ọ̀kan ní àléébù tirẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí a bá fẹ́ ire rẹ̀, a ní láti fara da àléébù náà.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn onírònú. Ọlọ́gbọ́n-àrà ni ẹni tí ń mú èrò tí ẹlòmíràn kò rò rí wá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń gbàgbé ohun kéékèèké, ọkàn rẹ̀ sì lè máa rìn lọ. Olùyẹ̀wò ni ẹni tí ń fi sùúrù wọn ọ̀rọ̀ wò kí a má baà ṣìnà. Àléébù rẹ̀ ni pé ó lè fi omi tútù pa iná gbogbo ènìyàn. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kan dé gbòǹgbò. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́ yẹn, kì í bìkítà mọ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí ń bá ènìyàn lò. Olùdarí ni ẹni tí ó mọ ohun tí oníkálukú lè ṣe, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Àwọn kan lè máa ní ó ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Apẹ̀tù ni ẹni tí ń pa iná ìjà, tí ń gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kì í fẹ́ sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Alárìnká ni ẹni tí ó mọ ènìyàn níbi gbogbo, tí yóò jáde lọ béèrè tí yóò sì mú ìròyìn bọ̀. Bí nǹkan bá ti pẹ́ díẹ̀, ó lè sú u.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tí ń ṣe é. Atinisíṣẹ́ ni ẹni tí kò fẹ́ kí a jókòó tẹtẹrẹ, tí yóò ní “Ó yá, ẹ dìde”; ẹnu rẹ̀ lè mú. Aṣètòdiṣẹ́ ni ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ di iṣẹ́, tí yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, tí yóò sì ṣe é bí ó ti kọ ọ́. Kì í tètè fẹ́ yí ètò padà. Aṣeparí ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń rí ìdérí tí kò sé dáadáa àti owó tí ó dín ní náírà kan. Ó máa ń ṣàníyàn jù, kì í sì fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tí ó ní gbogbo rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sábà máa ń ní méjì tàbí mẹ́ta tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyí tí a kò fi nílò ènìyàn mẹ́sàn-án. Ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́fà tó, bí a bá ti yàn wọ́n kí ìṣe wọn lè pé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

BÍ A ṢE YAN ÌGBÌMỌ̀ KEJÌ

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí a yan ìgbìmọ̀ mìíràn, kí èmi má sì sí nínú rẹ̀ bí kò bá sí àyè fún irú mi. Báyìí ni a ṣe é, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní, a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbígba owó, wíwá elépo, yíyẹ epo wò, gbígbé e wálé, pínpín, àti ìṣirò níkẹyìn. Ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ ni a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ bu ọlá fún.

Ìgbésẹ̀ kejì, a bi obìnrin kọ̀ọ̀kan tí ó fẹ́ ṣe é ní ìbéèrè kan: “Bí ìnáwó bá wà ní agbo-ilé yín, kí ni wọ́n máa ń wá pè ọ́ sí?” Lẹ́yìn náà, a bi àwọn méjì tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ rí ní ìbéèrè kan náà. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Èmi fúnra mi sọ pé olùdarí ni mí. Àwọn méjì tí wọ́n bi ní olùyẹ̀wò ni mí, ọ̀kan nínú wọn sì rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ọ́. Ènìyàn kì í rí ìpàkọ́ ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta, a fa ìlà sórí bébà. A kọ orúkọ àwọn ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, a kọ ìṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí òkè, a sì fi àmì sí ibi tí ó bá tọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni bébà náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Atinisíṣẹ́ mẹ́ta wà, gbogbo wọn ló sì jẹ́ oníṣòwò tí ohùn wọn ròkè. Olùyẹ̀wò méjì wà. Ṣùgbọ́n abẹ́ Aṣeparí ṣófo pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, a dín ibi tí ó pọ̀ jù, a sì kún ibi tí ó ṣófo. Nínú àwọn atinisíṣẹ́ mẹ́ta, a mú ìyá aláta kan láti Ọjà'ba, nítorí pé ó tún jẹ́ alárìnká. A bẹ àwọn méjì yòókù pé kí wọ́n fún wa láyè. Bí méjì bá wà nínú ilé kan, ìjà lórí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ni wọn yóò máa jà. Lẹ́yìn èyí a mú aránṣọ kan láti Bẹẹrẹ, aṣètòdiṣẹ́ ni, kì í yẹ àdéhùn. A mú ìyá kan ní Bẹyẹrúnkà tí ó ti ta epo fún ọ̀pọ̀ ọdún, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni, ó sì tún jẹ́ olùyẹ̀wò. Nítorí náà kò sí àyè fún èmi. A mú tíṣà kékeré kan tí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n-àrà. A fi ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ Mápó ṣe alága, olùdarí ni, apẹ̀tù sì ni. Fún aṣeparí, a lọ bẹ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìntì, tí kò yọjú tẹ́lẹ̀ nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Ènìyàn mẹ́fà pé, ìṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì pé.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ TI RÌN

Ẹ wò ó bí ìṣe kọ̀ọ̀kan ti ní àkókò tirẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ìyá aláta ni ó ní, “Ìgbà wo la óò rà á? Ẹ dá ọjọ́.” Alága sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn fọhùn kí a tó dá a. Tíṣà kékeré mú èrò kan wá tí kò sọ sí wa lọ́kàn rí: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tirẹ̀ wá, kí ó kọ orúkọ sí i lára, kí a má fi ìgò wọn epo mọ́. Ìjà orí òṣùwọ̀n parí níbẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá aláta ti rí elépo kan ní ọjà oko lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ sanwó lójú ẹsẹ̀. Níbí ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti wúlò. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí epo náà ná. Ó bu ṣíbí kan nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó gbé e lé iná. Epo tí omi wà nínú rẹ̀ yóò máa ta pàrà-pàrà bí ó bá gbóná. Èyí tí kò lómi yóò dákẹ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ta. Wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba òmíràn. Ká ní atinisíṣẹ́ nìkan ló lọ ni, omi ni à bá fi se ọbẹ̀.

Aránṣọ ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti kọ wákàtí sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pínpín dé, nọ́ọ̀sì wa yẹ ìdérí ogún kẹ́ẹ̀gì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí mẹ́ta tí ń jò, ó sì fi ọ̀rá wé wọn lẹ́nu kí ó tó dé wọn padà. Àwọn kan ń kùn pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Alága fi ẹ̀rín pẹ̀tù sí i. Oṣù kẹrin ni èyí, 100 lítà pé, lítà 5 kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ PÉ ÌGBÌMỌ̀ KÒ DỌ́GBA

Bí ìpàdé bá pọ̀, tí ìwé àkọsílẹ̀ gùn, tí kò sì sí ẹni tí ó tíì jáde nílé, àwọn onírònú ti pọ̀ jù. Ẹ wá aṣètòdiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ń yá kánkán, ṣùgbọ́n tí ẹ ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwọn atinisíṣẹ́ ti pọ̀. Ẹ wá olùyẹ̀wò. Bí gbogbo ènìyàn bá ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ní “ó dáa bẹ́ẹ̀”, tí ìpinnu kan kò sì jáde, àwọn apẹ̀tù nìkan ló kún ibẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò tì wọ́n. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí ó wá kú sí ìdajì, aṣeparí ni kò sí. Òun ni a sì máa ń gbàgbé jù lọ, nítorí pé kì í pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ méjì kún un. Èkíní, ìṣe wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Bí kò bá sí aṣeparí rárá nínú ẹgbẹ́ kékeré, kí ẹnì kan gbà láti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kí a sì mọ̀ pé yóò rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tí a dá a mọ́ lọ. Èkejì, ìwé ìbéèrè kan wà tí Belbin ṣe kí ènìyàn lè fi mọ ìṣe ara rẹ̀. Ní 1993 àwọn ọ̀mọ̀wé kan yẹ ìwé ìbéèrè náà wò, wọ́n sì sọ pé kò lágbára tó láti fi wọn ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má gbé ìdájọ́ lé ohun tí ènìyàn sọ nípa ara rẹ̀ nìkan. Ẹ bi àwọn tí ó ti bá a ṣiṣẹ́.

Ní ti èmi, ẹgbẹ́ ti rí iṣẹ́ fún mi. Èmi ni mo ń yẹ ìwé ìṣirò wò níkẹyìn ọdún. Ibẹ̀ ni rírí ihò nínú ọ̀rọ̀ ti di ire. Opó tí mo sọ nípa rẹ̀ ni ó ń mú ìwé náà wá fún mi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oyè akápò àti ìṣe aṣeparí?

2. Ẹ rántí ìgbìmọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí. Ìṣe wo ni ó pọ̀ jù níbẹ̀? Èwo ni kò sí?

3. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ìṣe méjì tí ó rò pé òun ní sórí bébà, kí ó sì pa á mọ́. Kí ẹni tí ó jókòó tì í náà kọ méjì nípa rẹ̀. Ẹ wá fi bébà méjèèjì wé ara wọn, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.